Ọjà tó kún àbí ọjà tó ṣófo: ibo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gbà wọlé?

*“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti kọ́ báàgì rírán, ọwọ́ mi sì ti dán nídìí rẹ̀. Owó tí mo kó jọ lè gbé mi fún oṣù 6, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ máa tà á. Báàgì kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ àìmọye èèyàn ló ń tà á. Èkejì ni báàgì tí wọ́n á máa fi gbé òdòdó inú ìkòkò láti ibì kan sí ibòmíràn tí iyẹ̀pẹ̀ ò ní dànù. Mi ò tíì rí ẹni kankan tó ń ta ìyẹn. Èwo ni kí n ṣe?”*

Àbúrò mi, báàgì kọ̀ǹpútà ni kí o ṣe, ṣùgbọ́n má ṣe é fún gbogbo ayé. Apá kejì gbólóhùn yẹn ló le, òun ni màá sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mi ò fi ní kí o lọ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kí ẹnì kan tó yọ owó fún ọ, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé nǹkan kan ń yọ òun lẹ́nu. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó lè yanjú rẹ̀ wà láyé. Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, kó lè rí i nígbà tó bá wá a. Ó sì gbọ́dọ̀ ní iye kan lọ́kàn tó gbà pé ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló tó kàn án láti yan ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí báàgì kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ńlá ṣe mẹ́rin àkọ́kọ́ parí. Ìkarùn-ún nìkan ló kù fún ọ: kí wọ́n yàn ọ́. Lórí báàgì òdòdó, ìwọ lo máa ṣe márààrún, owó oṣù 6 lo sì fẹ́ fi ṣe é.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í rò, èmi alára ò rò ó nígbà tèmi. Bí báàgì kọ̀ǹpútà rẹ ò bá tà, o lè mọ ohun tó fà á. Gbé e síwájú èyí tó ń tà, kí o wò ó: ṣé àwòrán tiwọn dára ju tìrẹ lọ ni, ṣé owó rẹ ló pọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kò yé èèyàn? Ọjà tó kún ń fún ọ ní ohun tí o lè fi wé tìrẹ. Bí báàgì òdòdó ò bá tà ńkọ́? Bóyá owó ni, bóyá àwòrán ni, bóyá àwọn èèyàn ò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi wá a, bóyá kò tiẹ̀ sí ẹni tó nílò rẹ̀ rárá. Gbogbo rẹ̀ jọra lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mú wá. Oṣù 6 á kọjá, o ò sì ní mọ èyí tí o máa tún ṣe. Nínú ọjà tó kún, oṣù 6 kan náà lè gba ìgbìyànjú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì kọ́ ọ ní nǹkan.

Ọ̀pọ̀ á sọ fún ọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń jẹ ọjà. Ní 1993, àwọn olùwádìí méjì, Peter Golder àti Gerard Tellis, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lórí oríṣi ọjà 50. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni pé wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà lórí ìdúró, torí pé ẹni tó bá ṣẹ́gun máa ń sọ pé òun lòun kọ́kọ́ dé. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n lọ tú, kí wọ́n lè rí àwọn tó ti kú tí a ti gbàgbé orúkọ wọn. Wọ́n rí i pé 47 nínú 100 àwọn tó kọ́kọ́ dé ni kò rọ́wọ́ mú, àti pé ìpín tí àwọn tó kọ́kọ́ dé ń jẹ nínú ọjà náà jẹ́ nǹkan bí 10 nínú 100. Wo Pampers: ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ìlédìí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń lò jù nù. Ọdún 1961 ló jáde, Chux sì ti wà lọ́jà ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀. Chux ló kọ́ àwọn ìyá pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Pampers ló jèrè ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ará yòókù yẹn ni mo sì fẹ́ kí o jẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà tó kún kọ́ ló ṣeé wọ̀. A máa ń wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, òótọ́ sì ni, àmọ́ àwọn ojú ọ̀run kan wà tí ẹyẹ kan ṣoṣo ti gbà tán. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Bí mo bá wá ọjà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò kì í wo àwọn mẹ́ta tó wà lókè. Láti orí ẹni kẹwàá dé ogún ni mo ń lọ. Màá kọ iye èèyàn tó ti sọ̀rọ̀ sábẹ́ ọjà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn sọ ọ́. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, màá padà lọ kà á. Bí iye náà bá ti gbéra lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, a jẹ́ pé ẹni tó wà láàárín gan-an ń rí tà, kì í ṣe àwọn ọ̀gá òkè nìkan. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni kìíní àti ìkejì nìkan ló ti gbéra, tí ti àwọn yòókù dúró gbọnyin láti ọdún tó kọjá, ọjà yẹn kún lójú ni, ẹni méjì péré ló ń kó owó ibẹ̀. Má wọ̀ ọ́. Bí o bá ń retí kí 30 ọjọ́ pé, wo ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tó ti ń san owó lórí ìpolówó kan náà láti oṣù mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó náà ń padà wọlé fún un, torí ẹni tó ń pàdánù kì í pẹ́ dáwọ́ dúró.

Ká gbà pé o ti yẹ ọjà báàgì kọ̀ǹpútà wò báyìí, tí àwọn tó wà láàárín ń tà. Báwo lo ṣe máa wọlé?

Ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ti sanwó. Nígbà tí Eric Yuan kúrò nílé iṣẹ́ Cisco ní 2011 láti dá Zoom sílẹ̀, kò sí ohun tuntun nínú kí èèyàn máa fi fídíò ṣèpàdé. WebEx wà, Skype wà, àwọn mìíràn sì wà. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń ṣiṣẹ́ lórí WebEx, tó padà di ti Cisco, láti 1997, ó sì ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, inú wọn ò dùn. Ohun tí inú wọn ò dùn sí yẹn ló lọ kọ́. Ìwọ ò sí nínú ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìwọ náà lè gbọ́ irú ohun tó gbọ́, torí pé àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sábẹ́ ọjà lójoojúmọ́.

Jókòó ní ọjọ́ mẹ́ta. Mú ọjà àwọn mẹ́wàá tó wà láàárín, kí o ka ọ̀rọ̀ 20 lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 200. Èyí tí wọ́n fún ní ìràwọ̀ 3 ni kí o kà jù. Ẹni tó fún un ní 5 kàn ń yọ̀ ni. Ẹni tó fún un ní 1, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹni tó gbé ẹrù wá ló ń bú. Ẹni tó fún un ní 3 ti lo báàgì náà, ó fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, ó sì ń sọ ní pàtó ohun tó já a kulẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, má tún un sọ ní tìrẹ, torí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni o máa padà fi polówó ọjà rẹ.

Ohun mẹ́ta ni kí o máa wá nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀dùn náà máa jáde lábẹ́ ọjà ọ̀pọ̀ olùtajà, kó má jẹ́ àṣìṣe ẹnì kan. Èkejì, kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ̀kẹta ló lágbára jù: kí ẹni náà ti tún owó ná. Bí o bá rí ẹni tó kọ ọ́ pé “èyí ni ìkẹta tí mo máa rà láàárín ọdún méjì,” fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ráhùn lásán pọ̀. Ẹni tó ń ráhùn tó sì ń ná owó léraléra lórí ìráhùn náà ni oníbàárà rẹ.

Ká sọ pé o kà á, tí o rí i pé àwọn olùkọ́ pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé okùn èjìká já. Kí ló dé tó fi jẹ́ olùkọ́? Nítorí pé wọn kì í gbé kọ̀ǹpútà nìkan. Ìwé ìdánwò kíláàsì méjì wà nínú báàgì kan náà, ìwé yẹn sì wúwo ju kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn tó ṣe báàgì náà ṣe é fún kọ̀ǹpútà kan àti wáyà rẹ̀.

Ìwọ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju èmi lọ. Gba báàgì kan tó ti já, kí o tú u wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú ò já rárá. Aṣọ ló ya, ní ìlà tí abẹ́rẹ́ gbà. Wọ́n rán ìdí okùn náà ní ìlà kan ṣoṣo, ojú abẹ́rẹ́ sì sún mọ́ra débi pé ihò rẹ̀ wá dà bí ihò etí bébà tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn fà ya. Gbogbo ẹrù wá so mọ́ ìlà ihò yẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: fi ègé aṣọ tó nípọn tì í lẹ́yìn, kí ègé náà fẹ̀ kọjá ìdí okùn, rán an yí ká ní igun mẹ́rin, kí o sì gba àárín rẹ̀ kọjá láti igun dé igun, jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ gùn tó mílímítà 3 sí 4, lo òwú náílọ́ọ̀nù dípò òwú kọ́tìnnì. Ìwúwo á wá pín káàkiri ibi tó gbòòrò.

Kí o tó dunnú, ìbéèrè kan wà tí o gbọ́dọ̀ dáhùn: kí ló dé tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ kò fi ṣe é? Bí o ò bá rí ìdáhùn, má tíì ná kọ́bọ̀. Níbí, ìdáhùn wà. Báàgì tiwọn wà fún gbogbo ènìyàn, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì fi ń bára wọn díje. Ègé aṣọ kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ á mú iye rẹ̀ gòkè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á kì í sì í gbé ìwé ìdánwò, wọn ò ní sanwó kún un. Ìdí gidi nìyẹn tí wọ́n fi máa fi àyè náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun tó fà á ni pé wọn ò tíì ronú kàn án, wọ́n á ronú kàn án lọ́jọ́ tí tìrẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Ó kan ìṣirò. Má bẹ̀rù rẹ̀, kò ju ojú ìwé kan lọ. Fi iye tí o ń ta báàgì kan ṣe 100, iye yòówù kó jẹ́. Ká sọ pé aṣọ, síìpù, okùn àti òwú jẹ́ 35. Dídì í àti fífi í ránṣẹ́ jẹ́ 10. Àwọn tó ń gba owó fún ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mú 3. Fi 5 sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n máa dá padà. Ó ṣẹ́ ku 47. Inú 47 yìí ni owó tí o fi wá oníbàárà ti máa jáde, ibẹ̀ sì ni ọjà tó kún ti ń pa èèyàn.

Ká sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ ìpolówó rẹ ń ná ọ ní 1. Bí o bá polówó “báàgì kọ̀ǹpútà tó dára,” tí ẹnì kan nínú 50 rà á, 50 lo fi wá a. O pàdánù 3 lórí báàgì kan, láìtíì ka òógùn ojú rẹ. Bí o bá wá kọ “báàgì fún olùkọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà àti ìwé ìdánwò, okùn rẹ̀ kì í já,” tí àwọn olùkọ́ nìkan sì ń rí i, ó lè di ẹnì kan nínú 25. Owó tí o fi wá a di 25, ó ṣẹ́ ku 22. Yọ 4 fún ègé aṣọ àti òwú tó dára, ó ku 18. Ẹni tó ti ra mẹ́ta tó já kò ní bá ọ jà bí o bá fi 15 lé owó rẹ̀. Ó di nǹkan bí 33. Bí báàgì kan bá gbà ọ́ ní wákàtí 3, 33 yẹn ni owó ọ̀yà wákàtí 3, fi mọ bóyá ó bójú mu fún ọ. Ohun tó yí pa dà láàárín àdánù àti èrè yẹn kò ju ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Iye àwọn olùtajà tó yí ọ ká kò dín kù rárá.

Fi báàgì òdòdó sínú ìṣirò kan náà. Kò sí ẹni tó ń wá a, torí náà iwájú àwọn tó ń ṣe nǹkan mìíràn lo máa gbé e sí. Bó bá jẹ́ ẹnì kan nínú 200 ló rà á, 200 lo fi wá oníbàárà kan. O ná iye báàgì méjì kí o tó ta ọ̀kan.

Mo fẹ́ sọ àṣìṣe tèmi níbí, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ọ. Ọjà àkọ́kọ́ tí mo tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo rí i pé a pọ̀, mo gé owó mi sílẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó tà lóòótọ́. Mo ń dì í lóru, mo ń fi í ránṣẹ́ láàárọ̀, mo rò pé mo ti di ọlọ́jà. Lóṣù kẹrin, ẹlòmíràn gé tiẹ̀ sílẹ̀ jù mí lọ, àwọn oníbàárà mi sì bá a lọ lọ́sẹ̀ kan náà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ orúkọ mi. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ ni mo rí i pé èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó láti ra páálí tí mo fi ń dì í. Ẹni tó ń rán báàgì lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò lè fi owó pọ́ọ́kú borí ẹni tó ń ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ kan, torí náà má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yẹn.

Kí o tó ra aṣọ báàgì 50, rántí pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Rán 3 péré. Wá olùkọ́ 15 tí kì í ṣe ẹbí rẹ, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Gbé báàgì náà fún wọn pẹ̀lú ìwé ìdánwò nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ èjìká. Má béèrè pé “ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?” Gbogbo wọn á ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀, ọmọlúàbí ni wọ́n. Sọ iye rẹ̀, kí o ní wọ́n lè san 30 nínú 100 sílẹ̀ báyìí, ọjọ́ báyìí ni báàgì máa dé, bí kò bá sì dé, owó wọn á padà sọ́wọ́ wọn lódindi. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí: bí àwọn 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá san, lọ ra aṣọ. Bó bá jẹ́ 2 sí 4, béèrè ohun tó dá àwọn yòókù dúró, yí ohun kan ṣoṣo padà, kí o tún wá 15 mìíràn. Bó bá jẹ́ 1 tàbí kó má sí rárá, kì í ṣe ọjà báàgì ló burú, ẹ̀dùn tí o yàn ni kò dun èèyàn tó. Padà sínú ọ̀rọ̀ 200 yẹn, kí o mú òmíràn.

Wàyí o, báàgì òdòdó. Ọjà tó ṣófo kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn ṣófo torí pé kò sẹ́ni tó nílò ohun náà. Òmíràn ṣófo torí pé àwọn kan ti wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti gbówó sọnù síbẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kò rí sàréè wọn. Òmíràn sì ṣófo lójú nìkan: àwọn èèyàn ń fi ohun tí wọ́n bá rí ṣe é fúnra wọn, wọ́n ń so okùn mọ́ páálí, wọ́n ń gé ike, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó máa bá wọn gbé e. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni mo lè ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wò.

Segway jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí ọgbọ́n ọwọ́ pé tí ọjà kò sì sí. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní December 2001, kò sí nǹkan tó jọ ọ́: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì tí èèyàn dúró lé, tó ń gbé ara rẹ̀ ró. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 5,000 dọ́là ni, àwọn ìlú kan ò gbà á lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kò sì yá tó láti bá ọkọ̀ rìn ní títì. Ìgbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2020, nǹkan bíi 140,000 péré ni wọ́n tíì tà ní gbogbo àgbáyé. Ilé iṣẹ́ tó ní owó púpọ̀ lẹ́yìn nìyẹn o.

Ní ti òdòdó rẹ, ohun tí màá kọ́kọ́ bi ọ́ ni ìgbà mélòó ni ìnira náà ń dé. Ẹni tó ní òdòdó nílé máa ń gbé e nígbà tó bá ń kó lọ sílé tuntun, bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mélòó kan, ó sì máa ń rí páálí tó máa lò lọ́jọ́ yẹn. Ìnira wà, àmọ́ kì í pẹ́ lọ, kì í sì í padà. Àwọn tó ń gbé e lójoojúmọ́ ni àwọn tó ń tà á àtàwọn tó ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ibi ayẹyẹ. Bí ọjà kankan bá wà, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Wọn ò sì pọ̀, èyí tó dára fún ọ, torí o lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú láìná owó ìpolówó.

Bí o ṣe máa dán an wò láìfi owó rẹ ṣòfò nìyí. Ní 1999, nígbà tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú pé èèyàn lè ra bàtà láìwọ̀ ọ́ wò, Nick Swinmurn lọ sí àwọn ilé ìtajà bàtà, ó ya àwòrán bàtà wọn, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan bá rà á, òun á padà lọ ra bàtà náà ní iye tí wọ́n ń tà á, á sì fi í ránṣẹ́. Kò lè jèrè bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ló ń rà, kì í ṣe bàtà: ṣé àwọn èèyàn á san owó? Wọ́n san án, ohun tó di Zappos, ilé ìtajà bàtà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìyẹn. Wo ohun tí kò ṣe: kò gba ilé ẹrù, kò ra bàtà kankan pamọ́.

Ibi méjì ló wà tí màá ti yí ìdáhùn mi padà. Bó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ tà jẹ́ irú èyí tí ẹni tó ń lò ó ń fa ẹlòmíràn wọlé, bí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, ọjà tó kún á pa ọ́, torí àwọn èèyàn ò lè fi ibi tí ọ̀rẹ́ wọn wà sílẹ̀ nítorí okùn tí kò já. Èkejì, bó bá jẹ́ pé o ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn olódòdó yẹn fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì ti ń sanwó fún ọ láti bá wọn rán nǹkan báyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjà yẹn kò ṣófo mọ́. O ti rí i kí ẹlòmíràn tó rí i.

Má ju báàgì òdòdó náà nù. Lẹ́yìn tí báàgì olùkọ́ bá ti ń tà, rán ọ̀kan láti inú aṣọ tó ṣẹ́ kù, kí o gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ibi ayẹyẹ lọ́jọ́ tó ń kó òdòdó sínú ọkọ̀. Jẹ́ kó lò ó títí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á fi parí, má sì sọ nǹkan kan. Bó bá dá a padà fún ọ pẹ̀lú ẹ ṣé, gbà á, kí o máa lọ. Bó bá bi ọ́ ní iye tó jẹ́ kí o tó lanu, béèrè mélòó ló fẹ́.